Ilé Méjì Tí Ń Lé Àlejò Síra Wọn

Ìlà méjì péré ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa kọ sí ilé-iṣẹ́ tí ìkànnì wa wà lórí sáfà wọn: "Ẹ káàárọ̀ o. Láti ìgbà tí a ti yí dòméènì wa padà ni ìkànnì wa kò ti ṣí mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún un ṣe." Ní ọjọ́ kejì, ìbéèrè mẹ́fà ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Inú bí ẹ̀gbọ́n wa, wọ́n sì pè mí. Èmi ò bá àwọn òṣìṣẹ́ náà wí, nítorí "kò ṣí" lè jẹ́ oríṣiríṣi àìsàn, kálukú pẹ̀lú oògùn tirẹ̀.

Dòméènì ni orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó dé ìkànnì. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí àwọn ojú ìwé náà wà lórí rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá pa orúkọ dà ní láti tún un ṣe níbi mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni DNS, ìyẹn ìwé orúkọ ayélujára tó ń sọ nọ́ńbà sáfà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Èkejì ni sáfà fúnra rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ló ni àlejò tó bá béèrè orúkọ tuntun. Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹ̀rí ààbò tó ń mú kí àdírẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Ẹ̀kẹrin ni ètò tí a fi kọ́ ìkànnì náà. WordPress ni tiwa, òun náà sì fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ sínú dátábéèsì. Èyí ẹ̀kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé.

Ibi kọ̀ọ̀kan ní igbe tirẹ̀. Bí ìwé orúkọ kò bá mọ orúkọ tuntun, Chrome á kọ DNS_PROBE_FINISHED_NXDOMAIN. Bí ìwé ẹ̀rí bá jẹ́ ti orúkọ mìíràn, NET::ERR_CERT_COMMON_NAME_INVALID ni yóò jáde. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ ẹ̀gbọ́n akọ̀wé pé kí wọ́n ka ohun tó wà lójú fóònù wọn sí mi létí, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

"Àbúrò, ṣebí àṣìṣe náà ni gbogbo wọn?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló máa sọ ilé tí wọ́n máa kàn lọ́ọ̀kùn."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni ERR_TOO_MANY_REDIRECTS. Ẹ jẹ́ kí n fi example.com dúró fún orúkọ wa àtijọ́, kí n sì fi example.org dúró fún tuntun, nítorí àpẹẹrẹ ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún. Ọ̀rọ̀ yẹn ní wọ́n ń darí àlejò láti ibì kan sí ibòmíràn títí ó fi sú aṣàwákiri. Ta wá ni ń darí rẹ̀? Mo tẹ àṣẹ kan lórí kọ̀ǹpútà mi lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó máa ń fi ìdáhùn sáfà hàn láìtẹ̀lé ìdarí náà. Ìwọ̀nba tó ṣe pàtàkì nínú ìdáhùn rẹ̀ nìyí:

```
curl -I https://example.com
HTTP/1.1 301 Moved Permanently
Location: https://example.org/

curl -I https://example.org
HTTP/1.1 301 Moved Permanently
X-Redirect-By: WordPress
Location: https://example.com/
```

Ilé àtijọ́ ní kí àlejò lọ sí ilé tuntun. Ilé tuntun ní kó padà sí ilé àtijọ́. Ìlà X-Redirect-By ló tú àṣírí. Ìdarí àkọ́kọ́ kò ní in, nítorí àwa la fọwọ́ ara wa ṣètò ìyẹn lórí sáfà. Èkejì ní in: WordPress ṣì gbà pé example.com ni orúkọ òun, ó sì ń dá gbogbo ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú orúkọ mìíràn padà síbẹ̀. A ò tilẹ̀ lè wọ yàrá alákòóso rẹ̀ láti tún un ṣe, nítorí ẹnu ọ̀nà yẹn náà ń yí po.

A wá jókòó kọ lẹ́tà kejì. Mo fi í síbí bí a ṣe kọ ọ́, yàtọ̀ sí orúkọ àti nọ́ńbà sáfà tí mo pààrọ̀:

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìrànwọ́, ìkànnì wa ń fi ERR_TOO_MANY_REDIRECTS hàn. Orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ni example.com, tuntun ni example.org, inú àkáǹtì kan náà ni méjèèjì wà lọ́dọ̀ yín. Ní ọjọ́ Ẹtì, láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago Nàìjíríà (UTC+1), a fi orúkọ tuntun kún àkáǹtì náà, a darí A record rẹ̀ sí 203.0.113.10, a sì ní kí orúkọ àtijọ́ máa darí àlejò sí tuntun. A kò fọwọ́ kan WordPress rárá. Kí a tó ṣe ìwọ̀nyí, ìkànnì náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. A rí àṣìṣe náà lórí fóònù méjì àti kọ̀ǹpútà kan, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdáhùn curl wà nísàlẹ̀. A rò pé orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà ní siteurl àti home nínú wp_options. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà dátábéèsì náà, lẹ́yìn náà kí ẹ yí méjèèjì sí https://example.org. A fún yín láṣẹ láti ṣe é."

Mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí gbólóhùn àṣẹ yẹn. Dátábéèsì jẹ́ ti oníbàárà, òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kàn ṣàdédé tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí a kò bá ti kọ ọ́, lẹ́tà mìíràn ni wọn ì bá fi béèrè rẹ̀. Aago Nàìjíríà tí a dárúkọ náà wúlò, nítorí ẹni tó máa yẹ àkọsílẹ̀ sáfà wò lè wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni a kò fi síbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi tirẹ̀ síbẹ̀, nítorí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ìdáhùn dé kí ilẹ̀ tó ṣú: wọ́n ti yí ìlà méjèèjì padà. Ìkànnì ṣí lọ́dọ̀ mi. Lórí fóònù ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe náà ṣì wà digbí, wọ́n sì ti fẹ́ kọ lẹ́tà kẹta. 301 túmọ̀ sí pé ìdarí náà jẹ́ títí láé, nítorí náà aṣàwákiri máa ń há a sórí. Mo ní kí wọ́n ṣí i nínú fèrèsé tí kì í rántí nǹkan, ó sì ṣí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ìrántí aṣàwákiri náà rẹ́.

Iṣẹ́ kan ṣì kù, tiwa ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà. Orúkọ àtijọ́ ṣì wà nínú àdírẹ́sì àwọn àwòrán àti ìjápọ̀ tó wà nínú àwọn àpilẹ̀kọ wa. Èèyàn lè rò pé kí òun kàn fi orúkọ tuntun rọ́pò rẹ̀ káàkiri dátábéèsì, ṣùgbọ́n WordPress máa ń kọ iye lẹ́tà ọ̀rọ̀ síwájú ọ̀rọ̀ náà nínú àwọn ètò kan. Orúkọ wa tuntun gùn ju ti àtijọ́ lọ. Bí a bá rọ́pò rẹ̀ láìtún iye náà kà, àwọn ètò bẹ́ẹ̀ kò ní ṣeé kà mọ́. Àṣẹ wp search-replace máa ń tún iye náà kà fúnra rẹ̀. Bí a bá fi --dry-run kún un, á kọ́kọ́ sọ ibi tó máa yí padà láìtíì yí ohunkóhun.

A tún san owó orúkọ àtijọ́ fún ọdún kan sí i. Òun ló wà lórí kàlẹ́ńdà tí ẹgbẹ́ pín, òun náà sì ni àdírẹ́sì ímeèlì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń kọ̀wé sí.