Ohun Tí Àwòrán Jọ́mẹ́tírì Ń Sọ Tí Ìbéèrè Kò Sọ

"Nínú onígun mẹ́ta ABC, D wà lórí ìlà BC. Wá x." Gbogbo ohun tí wọ́n kọ nínú ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, kò sọ ẹ̀gbẹ́ tó dọ́gba, kò tilẹ̀ sọ ibi tí x wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da ọ̀rọ̀ yìí nìkan kọ, tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun ṣe é, ẹ̀gbọ́n náà kò ní rí nǹkan kan ṣe sí i, bó ti wù kó mọ ìṣirò tó. Inú àwòrán ni ìyókù ìbéèrè náà wà: ìlà péńpé mẹ́ta tó dábùú ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ìlà kọdọrọ kan ní igun B tí wọ́n kọ 70° sí, àti lẹ́tà x ní igun C.

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ inú ìwé ló máa ń sọ gbogbo rẹ̀. Yúkílíìdì, onímọ̀ ìṣirò tó fi èdè Gíríìkì kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, ṣàlàyé onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì dọ́gba nínú apá kìíní ìwé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé AB àti AC ló dọ́gba, kó tó wá fi hàn pé igun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú. Bí àwòrán náà bá ya dànù, ẹni tó ń kàwé lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ya òmíràn. Ní 1847, Oliver Byrne gbé ẹ̀dà apá mẹ́fà àkọ́kọ́ ìwé Yúkílíìdì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi àwọ̀ pupa, búlúù, yẹ́lò àti dúdú rọ́pò púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà. Nínú ìwé yẹn, ẹni tí kò bá rí àwọ̀ kò lè mọ ìlà tàbí igun tí wọ́n ń sọ.

Dúdú lásán ni wọ́n sábà fi ń tẹ ìwé ìdánwò, nítorí náà àwọn àmì kéékèèké ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ tí ìlà péńpé kan bá dábùú dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ mìíràn tó ní ẹyọ kan. Ẹlẹ́ni méjì dọ́gba pẹ̀lú ẹlẹ́ni méjì. Iye ìlà yìí kì í sọ bí ẹ̀gbẹ́ ṣe gùn tó. Ẹ̀gbẹ́ tó ní ìlà péńpé méjì lè kúrú ju èyí tó ní ẹyọ kan lọ. Bákan náà ni ìlà kọdọrọ inú igun ṣe ń sọ àwọn igun tó dọ́gba. Bó bá jẹ́ àpótí kékeré ni wọ́n yà sínú igun, 90° ni igun náà. Bí wọ́n bá fi orí ọfà sí àárín ìlà méjì, ńṣe ni àwọn ìlà náà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìní pàdé láé.

Bí nǹkan bá ṣe rí lójú nínú àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwé ìdánwò Wáẹ̀kì a máa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pé wọn kò yà á bá ìwọ̀n mu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé igun tó jọ 90° lè máà jẹ́ 90°, ẹ̀gbẹ́ méjì tó jọ ara wọn sì lè máà dọ́gba. Ohun tí àmì bá sọ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ lè gbára lé.

Fọ́tò wá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ká ní ìwé wà lórí tábìlì, onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ dọ́gba sì wà nínú rẹ̀, igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60°. Bí ẹni tó ń yà á kò bá gbé fóònù sókè ìwé gangan, tó jẹ́ pé ó fì í ní 45° láti apá ìsàlẹ̀ ìwé, àwòrán yóò fún pọ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Ẹni tó bá wọn igun inú fọ́tò náà yóò rí nǹkan bí 51° ní igun méjèèjì ìsàlẹ̀, àti nǹkan bí 78° ní ti òkè. Apá ibi tó jìnnà sí fóònù tún máa ń kéré ju èyí tó sún mọ́ ọn lọ, débi pé ìlà méjì tí kò yẹ kó pàdé yóò máa fà súnmọ́ ara wọn, òbírí náà yóò sì rí bí ẹyin.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí fífì fóònù kì í bàjẹ́. Bí kámẹ́rà bá dára, ìlà tó tọ́ yóò ṣì tọ́ nínú fọ́tò. D tó wà láàárín B àti C yóò ṣì wà láàárín wọn. Ìlà péńpé kan kò ní di méjì nítorí pé fóònù fì, ìlà kọdọrọ tó so AB pọ̀ mọ́ BC yóò sì so wọ́n pọ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi í máa ń ka àmì dípò kó máa fi rúlà wọn fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. A ti ya A sókè, B sí òsì, C sí ọ̀tún, a sì fa ìlà láti A wá sí D. Ìlà péńpé ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà lórí AB, AD àti DC. Ohun tí àmì wọ̀nyí sọ ni pé AB = AD = DC. Nínú onígun mẹ́ta ABD, níwọ̀n ìgbà tí AB àti AD dọ́gba, igun tó wà ní B àti èyí tó wà ní D dọ́gba, 70° sì ni àwọn méjèèjì. D wà lórí ìlà BC tó tọ́, nítorí náà igun ADC jẹ́ 180° − 70° = 110°. Nínú onígun mẹ́ta ADC, AD àti DC dọ́gba, nítorí náà igun tó wà ní C àti èyí tó wà lápá A dọ́gba. 70° ló ṣẹ́ kù fún àwọn méjèèjì láti pín. x = 35°.

Bí ó bá jẹ́ pé fọ́tò ṣú, ìlà péńpé kẹta ló kọ́kọ́ máa ń fa àríyànjiyàn. Orí BC ló wà, ṣùgbọ́n BC ti pín sí BD àti DC. Bí ẹnì kan bá gbà pé BD ló ni àmì náà, a jẹ́ pé AB, AD àti BD dọ́gba, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ABD yóò sì jẹ́ 60°. Àmọ́ 70° ni wọ́n kọ sí B. Níbi tí àmì àti nọ́ńbà bá ti ta kora báyìí, ọ̀kan nínú wọn ni a ṣì kà, a sì ní láti padà sínú fọ́tò kó tó di pé a ń ṣírò lọ.

Bí ẹlòmíràn bá ka ti DC sí ìlà péńpé méjì, kò sí ohun tó ta kora, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà yóò há. Ohun tí a mọ̀ kò ju pé AB àti AD dọ́gba, C sì lè wà níbikíbi lórí ìlà náà. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kó fura sí: àmì méjì tó wà lórí DC kò ní ẹnìkejì. Àmì ìdọ́gba kì í dá wà. Bí ìlà péńpé méjì bá wà lórí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, yálà ẹnìkejì rẹ̀ sá mọ́ wa lójú, tàbí ká jẹ́ pé ẹyọ kan ni, tí ọwọ́ tó gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń yà á sọ ọ́ di méjì. Nínú ìwé àlòkù, ó lè jẹ́ pẹ́ńsù ẹni tó ti lo ìwé náà rí. Èyí tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ máa ń gùn bákan náà, á nípọn bákan náà, á sì gba inú ẹ̀gbẹ́ kọjá sí ọ̀tún àti òsì.

Nọ́ńbà tó wà nínú igun ní ewu tirẹ̀, pàápàá níbi tí ìlà mẹ́ta bá ti pàdé. Ká ní A ni wọ́n kọ 70° sí dípò B, tí àwọn àmì yòókù kò yí padà. Igun mẹ́ta ló wà ní A: BAD, DAC àti BAC tó jẹ́ àpapọ̀ wọn. Ìlà kọdọrọ ló máa sọ èyí tó ni nọ́ńbà náà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti AB, tó sì dúró lára AD, BAD ni 70°. Nígbà náà, B àti D yóò pín 110° sí 55° kọ̀ọ̀kan, x yóò sì jẹ́ ìdajì 55°, ìyẹn 27.5°. Ṣùgbọ́n bí ìlà kọdọrọ náà bá gba orí AD kọjá dé AC, gbogbo igun BAC ni 70°. Nínú àwòrán yìí, igun B jẹ́ ìlọ́po méjì x, nítorí náà igun B àti C lápapọ̀ jẹ́ x lọ́nà mẹ́ta, 110° sì ni. x yóò wá jẹ́ 36⅔°. Nọ́ńbà kan náà ni, ibi kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ibi tí ìlà kọdọrọ parí sí ló yàtọ̀.

Ẹni tó ń ya fọ́tò lè dín wàhálà yìí kù. Kí ìwé tẹ́ pẹrẹsẹ, kí fóònù wà lókè rẹ̀ gangan, kí òjìji ọwọ́ má bo àwòrán. Kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú ìwé hàn nínú fọ́tò, nítorí wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó mọ bí fóònù ṣe fì sí, àwọn áàpù tó ń sọ fọ́tò di ìwé sì máa ń fi wọ́n tún un ṣe. Wasáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, àwọn ìlà tín-ín-rín ló sì kọ́kọ́ máa ń ṣú. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, bí wọ́n ṣe yà á gan-an ni yóò dé.

Ẹni tó gbà á náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tún àwòrán náà yà sínú ìwé tirẹ̀, kó sì kọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan sọ sí ìlà tirẹ̀: AB = AD; AD = DC; igun ABC = 70°; igun ACB = x; B, D, C wà lórí ìlà kan tó tọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò padà sí fọ́tò, tí yóò máa wò ó bóyá àmì kan wà tí kò wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, tàbí bóyá ó ti kọ ohun kan tí kò sí àmì tó sọ ọ́, irú bíi pé AD pín igun A sí méjì dọ́gba kìkì nítorí pé ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú. Bí àmì kan bá ṣì ṣú lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ó tọrọ fọ́tò ibi yẹn nìkan, kí wọ́n sì yà á láti tòsí, kó sì bi ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé: "Ṣé BD ni ìlà péńpé yẹn wà lórí rẹ̀ ni, àbí DC?"