Ínfọ́ìsì Kan fún Gbogbo Omi Oṣù

Ká ní ilé oúnjẹ kan ní ẹ̀ka mẹ́ta l'Abẹ́òkúta, ní Kútọ̀, Làfẹ́ńwá àti Pànṣẹ́kẹ́, tó sì ń ra píọ́ wọ́tà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ omi kan. Ọkọ̀ ń gbé omi lọ síbẹ̀ bí ìgbà 25 lóṣù, nígbà mìíràn ogójì àpò péré. Kò sí ọ̀gá tó fẹ́ máa fọwọ́ sí ínfọ́ìsì ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dé, nítorí náà wọ́n fẹnu kò pé kí ẹyọ kan ṣoṣo wá ní ìparí oṣù. Ohun tó ń dìjà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí oṣù bá fi máa parí, kò sẹ́ni tó rántí ohun tó wọlé lọ́jọ́ kẹsàn-án mọ́. Ìwé nìkan ló rántí.

Ìwé náà ni wébìlì. Ìwé alálẹ̀pọ̀ oníkábọ̀n ló dára jù, tí nọ́ńbà ti wà lára rẹ̀ láti ilé ìtẹ̀wé, mẹ́ta mẹ́ta fún nọ́ńbà kan: ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan tí dírẹ́bà ń mú padà, ọ̀kan tí kì í kúrò nínú ìwé. Wọ́n á kọ ọjọ́, ẹ̀ka, iye àpò tí wọ́n gbà àti iye tí wọ́n dá padà torí pé ó ń jò, ẹni tó gbà á á sì kọ orúkọ, á fọwọ́ sí i. Kí wọ́n máa fi àpò ka omi nígbà gbogbo. Bí dírẹ́bà kan bá kọ 40, tí èkejì kọ 800 torí pé ó ka ọ̀rá ogún ogún tó wà nínú àpò, akọ̀wé owó ni yóò jìyà rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ kí iye owó wà lórí wébìlì rárá, nítorí iye àtijọ́ ni dírẹ́bà sábà máa ń kọ. Ọ́fíìsì ni kó ní ìwé iye owó, pẹ̀lú ọjọ́ tí iye kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò oṣù kan. Wébìlì 0412 dé 0437 ni wọ́n lò, ìyẹn 26. Wọ́n fagi lé 0429, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú ìwé, tí wọ́n kọ ìdí sí i lára. Àpò kan jẹ́ ₦300 títí di ọjọ́ 15, ó di ₦350 láti ọjọ́ 16. Wébìlì 14 àkọ́kọ́ kó àpò 560, ó jẹ́ ₦168,000. Wébìlì 11 tó kù kó àpò 450, ó jẹ́ ₦157,500. Àpapọ̀ ₦325,500. Lẹ́yìn tí wọ́n gba omi 0420 tán ni wọ́n rí i pé àpò mẹ́fà ń jò. Iye tí wọ́n fi tà á náà, ₦300, ni wọ́n yọ, ìyẹn ₦1,800. Ínfọ́ìsì wá jẹ́ ₦323,700. Ká ní akọ̀wé owó fi ₦350 ṣírò gbogbo rẹ̀ ni, omi ìdajì oṣù àkọ́kọ́ nìkan ì bá ti fi ₦28,000 lé e. Ọjọ́ tí omi dé ló ń pinnu iye rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ínfọ́ìsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi alẹ́ ọjọ́ 31 jẹ́ ti oṣù yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ni dírẹ́bà mú ìwé rẹ̀ dé.

Lórí ínfọ́ìsì, kí wébìlì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Tí ẹ bá kàn kọ “àpò 1,010”, oníbàárà ò ní rí ohun tó máa fi wéra pẹ̀lú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀, kò sì ní sanwó títí ẹ ó fi ṣàlàyé.

Wébìlì tó sọnù ló ń jẹ owó jù. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni ẹrù ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́, ohun tó jáde gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n já, ohun tó padà àti ohun tó bẹ́ dọ́gba. Ọkọ̀ gbé àpò 200 jáde, ó dá 15 padà, márùn-ún bẹ́ lọ́nà: wébìlì gbọ́dọ̀ kó 180. Bó bá kó 140, ogójì wà níbì kan láìníwèé. Ẹ wo ìtòlẹ́sẹẹsẹ nọ́ńbà, ẹ ó rí i pé 0433 kò sí. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀dà inú ìwé yóò sọ ẹ̀ka tó gbà á, àwọn náà á sì fi tiwọn hàn. Tó bá di ìparí oṣù kí ẹ tó mọ̀, ₦14,000 ti di ọ̀rọ̀ ẹnu dírẹ́bà lòdì sí ti ẹni tó gba omi.

Kí ẹ tó kọ ínfọ́ìsì gan-an, ẹ fi àkọsílẹ̀ wébìlì oṣù náà ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí ó fi ọjọ́ mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò. Tí àṣìṣe bá yọjú lẹ́yìn tí ínfọ́ìsì ti jáde, ẹ má ṣe tún un tẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, torí ìwé méjì á wá máa jẹ́ orúkọ kan náà ní ọ́fíìsì oníbàárà. Ẹ kọ ìwé ìdápadà owó lọ́tọ̀, kí ó dárúkọ ínfọ́ìsì àti wébìlì tó kàn, kí ẹ sì yọ iye náà nínú owó oṣù tó tẹ̀ lé e.