Clip àbí Intersection? Bí A Ṣe Ń Gé Ojú Ọ̀nà Ìbàdàn Lórí Máàpù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kìlómítà ojú ọ̀nà tó wà ní Ìbàdàn lè rí máàpù ojú ọ̀nà gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí OpenStreetMap, kó sì ṣí i nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, èyí tí òun náà kì í gba kọ́bọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ṣakí àti ti Ìsẹ́yìn á bá a wọlé. Yóò wá máàpù ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó para pọ̀ jẹ́ Ìbàdàn, 5 nínú ìgboro, 6 lẹ́yìn ìgboro, kó lè fi ààlà wọn gé e. Bó bá tẹ Vector, tó tẹ Geoprocessing Tools, irinṣẹ́ méjì á dà bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: Clip àti Intersection. Àwòrán tí wọ́n máa gbé jáde jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Inú tábìlì ni ìyàtọ̀ wà.

Ègé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó wà lórí irú máàpù yìí ló ní ìlà tirẹ̀ nínú tábìlì kan, níbi tí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀, irú rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, tí wọ́n sì kọ 50 sí i pé ó gùn ní kìlómítà 50. Ká tún sọ pé 30 nínú rẹ̀ ló bọ́ sáàárín ààlà wa: 22 ní Akínyẹlé, 8 ní Àríwá Ìbàdàn.

Clip á kọ́kọ́ ka ìjọba ìbílẹ̀ 11 náà sí ilẹ̀ kan ṣoṣo, kò ní bìkítà fún ààlà tó wà láàárín wọn. Á gé ohun tó wà lóde dànù. Ọ̀nà wa ṣì jẹ́ ìlà kan, kò sì sí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kankan tó wọ tábìlì rẹ̀. Ibi tó ti ń mú ènìyàn ni pé 50 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò yí padà. Bí aṣọ ọ̀pá 6 ni, tí wọ́n fi íǹkì kọ 6 sí etí rẹ̀: gé ọ̀pá 2 kúrò, íǹkì á ṣì máa sọ pé 6.

Intersection ní tirẹ̀ ń ka ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti kọjá láti Akínyẹlé sí Àríwá Ìbàdàn, á gé e sí méjì, á sì kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ègé kọ̀ọ̀kan wà mọ́ ọn. Ìlà kan di méjì, 50 sì wà lára méjèèjì. Ẹni tó bá ro òpó gígùn yẹn pọ̀ á rí 100 fún ọ̀nà tí kò ju 30 lọ. Nítorí náà, irinṣẹ́ yòówù tí a bá lò, a gbọ́dọ̀ ṣí Field calculator, ká fi òpó tuntun wọn gígùn ohun tó kù. Bó bá jẹ́ mítà ni a yàn fún ìwọ̀n nínú ètò náà, ohun tí a máa tẹ̀ nìyí:

```
$length / 1000
```

Bí ìbéèrè bá jẹ́ "mélòó ló wà ní Ìbàdàn?", Clip tó. Bó bá jẹ́ "mélòó ló wà ní Akínyẹlé, mélòó ní Ìdó?", Intersection ló lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí òun ló ń kó ìsọfúnni máàpù méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí n ṣe méjèèjì, kí n sì fi àpapọ̀ wọn wéra lẹ́yìn tí mo bá ti tún un wọ̀n. Ó yẹ kí wọ́n dọ́gba. Bí ti Intersection bá pọ̀ jù, ó ṣeé ṣe kí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ méjì gun ara wọn lórí, kí ègé ọ̀nà tó wà níbẹ̀ sì wọ ìṣirò ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀nà tó bá ń tọ orí ààlà gan-an lọ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Clip kì í kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí ilẹ̀ kan ló rí. Topology Checker, pẹ̀lú òfin "must not overlap", á fi ibi tí wọ́n ti gun ara wọn hàn.

Àṣìṣe kan wà tí ìfiwéra yìí kò lè mú. Bí ìlà ààlà kan bá lọ́, tó gba orí ara rẹ̀ kọjá, QGIS á dá iṣẹ́ dúró pé ó ní "invalid geometry". Àwọn kan á wá sọ fún un pé kó fo irú rẹ̀. Bó bá fo Akínyẹlé, gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ á pòórá nínú èsì méjèèjì, àpapọ̀ á sì tún dọ́gba. Fix geometries ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi tún ààlà náà ṣe.

Gígùn ṣeé tún wọ̀n, iye ènìyàn ni kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ká ní a fẹ́ mọ iye àwọn tó ń gbé nítòsí odò Ògùnpa, odò tó kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gba ẹ̀mí àti ilé. Bí a bá fi ilẹ̀ etí odò gé máàpù wọ́ọ̀dù, wọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ló kù á ṣì máa gbé iye ènìyàn gbogbo wọ́ọ̀dù náà kiri. A lè pín in gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe kù tó, ṣùgbọ́n ìyẹn ń sọ pé ènìyàn fọ́n káàkiri wọ́ọ̀dù bákan náà, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígboro Ìbàdàn. Máàpù ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sàn jù fún irú iṣẹ́ yẹn: ká ka ilé tó wà létí odò, ká sì fi iye wọn pín àwọn ará wọ́ọ̀dù.