Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tí ọ̀pá ìwọ̀n inú síífíì kò lè sọ nípa ẹ

Ní àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà ní Kétu àti lójú ọ̀nà Ìkòsí, wọ́n máa ń tẹ síífíì fún àwọn tó ń wáṣẹ́. Àwòṣe kan sì wà tó ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn: orúkọ gàdàgbà lókè, fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti abala ìmọ̀-ọ́n-ṣe tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí gbọọrọ lábẹ́ ara wọn. Ọ̀pá aláwọ̀ búlúù kan máa ń wà níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó ni síífíì yóò kùn dé ibi tó bá wù ú. Abala yìí gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ó ń bo ohun tí àwọn ọmọ wa mọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ọmọbìnrin tó kàwé nípa ìṣirò owó ní pólì ni. Lẹ́yìn náà ó bá alájàpá tòmátì àti ata kan tọ́jú ìwé ní ọjà Máìlì 12. Ó wá fẹ́ ṣe olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹ̀fọ́ àti èso fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tó kọ sí abala ìmọ̀-ọ́n-ṣe rẹ̀ nìyí: Word, Excel, PowerPoint, ìṣirò owó, aṣáájú rere, òṣìṣẹ́ takuntakun, Canva, èdè Haúsá, ìfọwọ́sowọ́pọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì, QuickBooks, ìbánisọ̀rọ̀, CorelDRAW, kíka ọjà.

“Bí àkójọ náà bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe dára tó.”

Irọ́ ni. Ẹ wo ibi tí kíka ọjà wà: ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn CorelDRAW. Ohun tí ilé ìkẹ́rù ń wá lójú méjèèjì ni, ó sì ti sá pamọ́ sẹ́yìn ohun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ní bèèrè. Ẹni tó ń ka ọ̀pọ̀ síífíì lọ́jọ́ kan kò ní jókòó máa ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ ọ́ ló yẹ kó ti ṣà á.

Ọ̀nà mẹ́ta la lè ṣà á sí. Àkọ́kọ́ ni irinṣẹ́, ìyẹn ohun tí wọ́n lè rà, tí wọ́n sì lè fi òmíràn rọ́pò lọ́la: Excel, QuickBooks, ẹ̀rọ píọ́ọ̀sì, ìwọ̀n oníná. Èkejì ni ìmọ̀ iṣẹ́, ìyẹn ohun tó máa ṣẹ́ kù sí ẹ lórí bí wọ́n bá gba irinṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ni agbára ìbáṣepọ̀, tí kò lè ṣẹlẹ̀ àfi bí ẹlòmíràn bá wà níwájú ẹ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń bá ẹ fà á, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí: ṣé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi? Bí wọ́n bá gbà á, kí ni mo ṣì lè ṣe? Ta ni mo ń bá ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Máìlì 12. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń kó tòmátì láti òkè Ọya wá, apẹ̀rẹ̀ kì í sì í wúwo bákan náà. Ilé iṣẹ́ tó ń tà fún òtẹ́ẹ̀lì, kílò ló fi ń ṣírò. Ká ní apẹ̀rẹ̀ 40 wọlé ní òwúrọ̀ kan. Ọmọbìnrin wa mú 5 láti oríṣiríṣi ibi nínú ẹrù náà, ó wọ̀n wọ́n, ó yọ ìwúwo apẹ̀rẹ̀ òfìfo kúrò, ó sì rí kílò 230. Ìyẹn fún un ní kílò 46 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti nǹkan bí kílò 1,840 fún gbogbo ẹrù. Ìwọ̀n oníná àti Excel tó kọ ọ́ sí ni irinṣẹ́. Mímọ̀ pé a kò gbọdọ̀ mú márààrún láti òkè nìkan, àti pé òfìfo gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìṣirò, ni ìmọ̀ iṣẹ́. Pé ó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní Haúsá títí àwọn méjèèjì fi fẹnu kò lórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa wọ̀n, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ìbáṣepọ̀. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ló yà sí ọ̀nà mẹ́ta yìí. Nínú àkójọ rẹ̀ àtijọ́, “Excel” àti “èdè Haúsá” nìkan ló hàn nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra.

“Ọ̀pá tí mo kùn dé 80 nínú 100 ń fi hàn pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa.”

Irọ́ ni, èyí ló sì ń dùn mí jù. 80 nínú 100 kí ni? Ẹni tó lè kó nọ́ńbà pọ̀ nínú Excel lè kùn ún dé 80, ẹni tó ń fi SUMIFS àti PivotTable ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sì lè kùn ún dé 70 nítorí ó mọ bí ohun tí kò tíì mọ̀ ṣe pọ̀ tó. Agbanisíṣẹ́ á wá rò pé ẹni àkọ́kọ́ ló dáa jù.

Ní 1999, Justin Kruger àti David Dunning ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò, lára rẹ̀ sì ni gírámà àti ìrònú tó bọ́gbọ́n mu, wọ́n wá ní kí kálukú sọ ipò tó rò pé òun wà láàárín àwọn yòókù. Àwọn tó wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó kẹ́yìn, tí ipò wọn gan-an jẹ́ nǹkan bí 12 nínú 100, rò pé àwọn wà ní nǹkan bí 62. Àwọn tó ṣe dáadáa jù sì fojú kéré ipò tiwọn. Bí ara ẹni bá ń tan ara ẹni tó báyìí láìsí iṣẹ́ kankan tí a ń wá, kí la máa wá kùn nígbà tí a bá ń wáṣẹ́?

Ìpalára kejì ni pé ọ̀pá tó kúrú ń ta ẹni tó ni ín. Ọmọbìnrin tó kùn QuickBooks dé 40 ti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé ìdá tó lé ní ààbọ̀ ni òun kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti fi kọ ìwé gbèsè oníbàárà láìṣàṣìṣe. Tí wọ́n bá wá tẹ síífíì náà jáde ní dúdú àti funfun, tí táńnà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń tán lọ, ibi tí ó kùn àti ibi tí kò kùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn.

Ohun tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ ni ohun tí o fi irinṣẹ́ náà ṣe. “Excel: ìwé ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, SUMIFS, PivotTable” kò gba ju ìlà kan lọ, ẹni tó ń kà á sì lè dán ẹ wò lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹlòmíràn gbé kalẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀: iye ọ̀rọ̀ tí o lè tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí ipele A1 sí C2 tí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ṣe fún èdè. Ìyẹn ní ìtumọ̀ kan náà lọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó kà á.

“Ìwà àti ìbáṣepọ̀ kò yẹ ní abala yìí.”

Òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ sì wà níbẹ̀. “Òṣìṣẹ́ takuntakun” kò yẹ níbẹ̀, nítorí ìyìn ara ẹni ni, kò sì sí ẹni tó máa kọ pé ọ̀lẹ ni òun. “Aṣáájú rere” àti “ìbánisọ̀rọ̀” náà kò sọ nǹkan kan títí tí a ó fi sọ ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ àti ohun tó wà nílẹ̀. Gbígba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà láìjẹ́ kó sá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, agbára ńlá nìyẹn, ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù fún òtẹ́ẹ̀lì sì nílò rẹ̀. Èdè náà ńkọ́? Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìdúnàádúrà, fi sí ìbáṣepọ̀. Bó bá jẹ́ ti ìtúmọ̀, ìmọ̀ iṣẹ́ ni.

Ààlà kan wà tí mi ò ní fi pamọ́. Pínpín sọ́nà mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí o bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ tún hàn ní abala iṣẹ́ tí o ti ṣe, níbi tí agbanisíṣẹ́ á ti rí ibi tí o ti lò ó. Ohun tí kò bá hàn níbẹ̀, yọ ọ́.

“Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ ka síífíì.”

Òótọ́ ni ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá. Ọ̀rọ̀ ni irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ń wá, ọ̀pá tí a yà sì lè ṣòfò lójú rẹ̀. Ọ̀nà láti mọ̀ kò le: ṣí PDF rẹ, da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad. Ohun tí o bá rí níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà lè rí kà. Bí àwọn ọ̀rọ̀ apá òsì bá ti dà pọ̀ mọ́ ti apá ọ̀tún, má lo àwòṣe olópòó méjì mọ́.

Bí abala ọmọbìnrin wa ṣe rí nísinsìnyí nìyí:

Ìmọ̀ iṣẹ́: kíka ọjà lójoojúmọ́ àti wíwá ibi tí àìdọ́gba ti wá, yíyí apẹ̀rẹ̀ padà sí kílò, fífi ìwé owó wé ìwé báńkì, ṣíṣa tòmátì àti ata bí wọ́n ṣe pọ́n sí.

Irinṣẹ́: Excel (ìwé ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, SUMIFS, PivotTable), QuickBooks (ìwé gbèsè oníbàárà), ìwọ̀n oníná, ẹ̀rọ píọ́ọ̀sì.

Ìbáṣepọ̀: bíbá awakọ̀ àti alájàpá dúnàádúrà ní Yorùbá, Haúsá àti Píjìn, yíyanjú aáwọ̀ lórí ẹrù tó dín, gbígba gbèsè.

Canva, CorelDRAW àti PowerPoint ti kúrò. Wọn kì í ṣe ohun burúkú, iṣẹ́ yìí ni kò bèèrè wọn. Bó bá lọ wáṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpolówó, wọ́n á padà wá, irinṣẹ́ á sì gòkè sí ìlà àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tó ń tẹ síífíì fún àwọn ọmọ wa ní Kétu àti Ìkòsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ̀pá yẹn kúrò nínú àwòṣe yín. Kí ẹ sì bi ẹni tó jókòó níwájú yín léèrè ohun tó fi Excel ṣe kí ẹ tó bá a tẹ orúkọ rẹ̀.