Òṣùpá wo gan-an ni Àjíǹde ń tẹ̀lé?

Jímọ̀ Rere àti Mọ́ńdè Àjíǹde wà nínú òfin ìsinmi Nàìjíríà, àmọ́ òfin náà kò dá déètì fún wọn. Òṣùpá ló ń dá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, tí ìjọ kà sí ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba. Ẹ wá òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni Àjíǹde.

Ó rọrùn, àbí? Ẹ wo ọdún 2019. Ọ̀sán àti òru dọ́gba ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta. Kí ó tó di aago mẹ́ta òru mọ́jú ọjọ́ 21, òṣùpá ti kún lójú sánmà Odògbolú. Ọjọ́ 24 ló yẹ ká ṣe Àjíǹde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin la ṣe é!

Ìdí ni pé ìjọ kì í wo sánmà. Àtẹ ìṣirò ni wọ́n ń lò, èyí tó ń yípo lọ́dún 19, torí lẹ́yìn ọdún 19, òṣùpá máa ń kún padà ní nǹkan bíi déètì kan náà. Lọ́dún 2019, àtẹ fi òṣùpá oṣù Kẹta sí ọjọ́ 20. Ọjọ́ kan péré ni kò jẹ́ kó wọlé. Èyí tó kàn bọ́ sí Tọ́sìdeè, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin.

Èmi fara mọ́ àtẹ o. Nígbà tí òṣùpá yẹn kún, ọjọ́ 20 ṣì ni ní Niu Yọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ ojú la fi ń wò ó, déètì ta ni a ó tẹ̀lé?