Nígbà Tí Apá Méjì Báláǹsì Ṣíìtì Kò Bá Dọ́gba

Ká ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì kékeré kan ń ṣe ìṣirò òpin ọdún. Owó ọwọ́ àti ti báńkì, ìyẹ̀fun tó kù, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ àti ààrò rẹ̀ jẹ́ ₦2,200,000 lápapọ̀.

Ó yẹ kí gbèsè tí iléeṣẹ́ náà jẹ, pẹ̀lú owó tí ẹni tó ni ín fi dá a sílẹ̀ àti èrè tí kò tíì kó, jẹ́ iye kan náà, torí kò sí dúkìá tí owó rẹ̀ kò níbi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ₦2,650,000 ni akọ̀wé rí.

Ó kọ́kọ́ pín ìyàtọ̀ náà, ₦450,000, sí méjì, bóyá ₦225,000 kan ti bọ́ sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò rí i. Ó pín in sí mẹ́sàn-án, kò sì ṣẹ́ kù. Èyí sábà máa ń fi hàn pé nọ́ńbà méjì ti gba ipò ara wọn. Lóòótọ́, ₦270,000 tí wọ́n jẹ oníyẹ̀fun ni wọ́n kọ ní ₦720,000.

Àtúnṣe yẹn mú apá méjèèjì dọ́gba, síbẹ̀ iṣẹ́ ò tíì parí. Bí wọ́n bá ra ìyẹ̀fun ₦60,000 láwìn tí wọn ò kọ ọ́ rárá, ìwé náà yóò ṣì dọ́gba. Kíka àpò ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀, àti fífi ìwé wé ti oníyẹ̀fun, ló lè tú u fó.