Ẹran Ìgbéyàwó: Ohun Tó Yẹ Kí Olóúnjẹ Kọ sí Alápatà

“Alájì, ẹ bá mi wá ẹran màlúù tó máa ká 300 èèyàn, kẹ́ ẹ fi ewúrẹ́ mẹ́ta kún un. Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ lò ó o.” Irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ń fi ránṣẹ́ sí alápatà nìyí, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ó di ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹran á tán nígbà tí wọn ò tíì gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ. Alápatà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Wọn ò sọ iye ègé tí ẹnì kan máa jẹ fún un, wọn ò sì sọ bí ewúrẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìgbéyàwó oní-300-àlejò kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Olóúnjẹ fẹ́ kí àlejò kọ̀ọ̀kan rí ègé ẹran màlúù 2 lórí ìrẹsì, kí wọ́n sì ti fi àsun panu kí oúnjẹ tó dé. Ègé 600 nìyẹn. Bí wọ́n bá gé kílò kan sí ọ̀nà 12, ègé kan á wọn nǹkan bíi 80 gíráàmù ní tútù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bọ̀ ọ́, tí wọ́n tún dín in, omi inú rẹ̀ á jáde, ó sì lè dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gé e sí ọ̀nà 20 torí pé ó tóbi lójú rẹ̀ lórí pátákó alápatà, yóò rí i pé kò ju ẹnu kan lọ mọ́ nínú abọ́.

Kílò 50 ló máa fún wọn ní ègé 600. Kílò 55 ni kí wọ́n kọ, kí ègé 60 lè wà nílẹ̀ de àwọn onílù, àwọn awakọ̀ àti àwọn tí wọ́n bá ìbátan wá. Kí lẹ́tà náà sọ pé ẹran itan àti ti apá ni wọ́n ń fẹ́, pé kò gbọdọ̀ ní egungun, àti pé orí òṣùwọ̀n ni wọ́n máa gbé e sí lójú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí ṣe pàtàkì, torí ojú ni ọ̀pọ̀ alápatà fi ń díwọ̀n ẹran ní ọjà wa. Kò burú fún ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ ilé, àmọ́ bí ojú bá fi díẹ̀ tàn án lórí kílò kọ̀ọ̀kan, ègé tó máa sọnù nínú kílò 55 kì í ṣe kékeré.

Ti ewúrẹ́ ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Ewúrẹ́ tó bá wọn kílò 25 lóòyẹ̀, tí wọ́n bá pa á, tí wọ́n yọ orí, ẹsẹ̀ àti nǹkan inú rẹ̀, ẹran tó máa kù kò ní ju nǹkan bíi kílò 12 lọ, tòun ti egungun. Mẹ́ta irú rẹ̀ á fún olóúnjẹ ní kílò 36, ó sì tó fún àsun 300 èèyàn. Bó bá jẹ́ àwọn kéékèèké oníkílò 15 ni alápatà kó wá, ewúrẹ́ mẹ́ta náà ṣì ni, ṣùgbọ́n ẹran ibẹ̀ lè má pé kílò 22. Apá tó kan ewúrẹ́ nínú lẹ́tà lè lọ báyìí:

“Ewúrẹ́ 3, kí ìkọ̀ọ̀kan má dín ní kílò 25 lóòyẹ̀. Ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ fi igi tàbí gáàsì jó irun rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi táyà jó o. Èmi ni mo ni orí, ẹsẹ̀, ìfun àti ẹ̀dọ̀.”

Àsun dùn tòun ti awọ rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ní bó o. Èéfín táyà máa ń fi èròjà olóró sára awọ yẹn, fífọ̀ lásán kì í sì í mú un kúrò tán. Ní ti orí àti nǹkan inú, tí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, alápatà lè kà á sí ara owó iṣẹ́ rẹ̀, olóúnjẹ tó ti fọkàn sí ọbẹ̀ ata olórí ewúrẹ́ fún àwọn àgbà á wá máa wá òmíràn rà.

Lẹ́yìn èyí ni àkókò. Bí ìgbéyàwó bá bọ́ sí Sátidé, àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni kí wọ́n pa ẹran, kó sì dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ kí oòrùn tó mú, kó lè gbé e kaná lójú ẹsẹ̀ tàbí kó kó o sí firísà. Kí ó fọwọ́ tẹ ẹran náà bó ṣe ń gbà á. Èyí tó bá ń yọ̀ bí ikun, tó sì ń rùn kíkan, kí wọ́n dá a padà níbẹ̀.

Kí lẹ́tà náà má gbàgbé dókítà ẹran tó ń yẹ ẹran wò nílé ìpẹran. Ó lè rí kókó ikọ́ ife nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì ní wọn ò gbọdọ̀ ta ẹran náà. Torí náà, kí olóúnjẹ kọ ọ́ pé ẹran tí dókítà ti yẹ̀ wò nìkan lòun máa gbà, pé bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀kan, alápatà ló máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bá wọn gbogbo rẹ̀ tán ni òun máa san owó tó kù lé àsansílẹ̀.